Bí A Ṣe Ń Gbé Dígí Wúwo Kọ́ Ara Ògiri Tí A Ti Rẹ́

Dígí ńlá tó ń já lulẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí àti ní pálọ̀ ló mú ká kọ ìwé yìí. Ẹ ti mọ dírílì í lò, a ò ní sọ ìyẹn mọ́. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé pílásítà kì í gbé dígí. Bulọ́ọ̀kù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń gbé e. Síbẹ̀, ihò tó parí sínú pílásítà là ń rí ṣáá, pẹ̀lú ìṣó kọnkéré kan péré tí wọ́n fi okùn so dígí rọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká mú dígí tó ga ní sẹ̀ntímítà 120, tó fẹ̀ ní 60, tó sì nípọn ní milimítà 5. Gíláàsì rẹ̀ nìkan tó kílò 9. Pẹ̀lú férémù igi, ó lè tó 13. Ojú méjì ni kó rọ̀ sí, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ru ìdajì.

Ẹ kọ́kọ́ fi ìka kan ògiri. Bó bá dún bí ohun tó ṣófo, pílásítà ti ṣí níbẹ̀, ẹ wá ibòmíràn. Ẹ má ṣe lu ihò sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ súìṣì gan-an: ọ̀nà wáyà nìyẹn.

Ká ní pílásítà nípọn ní milimítà 15. Fíṣà 8 gùn ní 40, inú bulọ́ọ̀kù sì ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Kí ihò jìn ní 65. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ bíìtì dírílì ní ojú ibẹ̀. Ẹ fi ìṣó ti fíṣà wọlé títí yóò fi kọjá pílásítà. Tí ẹnu fíṣà bá ṣì hàn lójú ògiri, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan! Sukúrù 5 tó gùn ní 60 ni kí ẹ fi sí i, kí milimítà 5 ṣẹ́ kù síta fún ìkọ́. Bí dírílì bá ṣàdédé já sínú ihò bulọ́ọ̀kù, fíṣà ò ní rí ohun dì mú; ẹ sún ojú méjèèjì papọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìdọ́gba ló kù. Ẹ wọn àárín ìkọ́ kan sí àárín èkejì lẹ́yìn dígí. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ntímítà 40. Ojú àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ wọn láti ilẹ̀, torí ilẹ̀ ilé kì í sábà tẹ́jú. Ẹ lu ihò rẹ̀, ẹ de sukúrù mọ́ ọn, kí ẹ tó gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé sukúrù náà láti sàmì sí ojú kejì. Bíìtì máa ń yẹ̀ díẹ̀ bó bá ń wọlé. Ẹni tó ti sàmì méjèèjì ṣáájú kò ní lè tún un ṣe mọ́. Bí ojú kan bá fi milimítà 2 ga ju èkejì, orí dígí yóò yàtọ̀ ní 3 láti etí dé etí, yóò sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì lè lo rọ́bà omi àwọn bíríkìlà, kó ṣáà rí i pé kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó gbé dígí sókè, ẹ fi garawa omi lítà 10 kọ́ sukúrù kọ̀ọ̀kan di ọjọ́ kejì. Bí sukúrù bá tẹ̀ síwájú tàbí pílásítà bá là, ẹ tú u, kí ẹ lu ihò mìíràn.