Bí àpò mẹ́wàá ṣe di mẹ́fà lórí fóònù mi

Àgbọn ni mo ń tà ní Àgbádárìgì, oníbàárà mi kan sì wà ní Àjàṣẹ́ tó máa ń kó o lápò lápò. Faransé la fi ń kọ̀wé síra wa lórí Telegram. Faransé tèmi kì í ṣe ti ilé ìwé, ọjà ni mo ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ń tó mi tajà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan mo kọ ọ́ sí i pé "Je viens demain avec dix sacs": mò ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú àpò mẹ́wàá. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni "Je veins remain avec six sacs". Ó rí "veins" àti "remain", ó rẹ́rìn-ín, ó sì fòye gbé ohun tí mo ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kò sóhun tí ì bá fi fura sí "six", torí Faransé gidi ni: ẹẹ́fà ni. Owó àpò mẹ́fà ló mú wá bá mi ní Sẹ̀mẹ̀. Mo gbé mẹ́rin padà sílé, mo tún sanwó ọkọ̀ lé e.

Ápù yẹn ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àǹtí, ẹ kọ ọ́ síbòmíì ná, ká wò ó." Mo ṣí ibi tí mo ń kọ gbèsè àwọn ènìyàn sí, mo tẹ "dix". Bí mo ṣe fọwọ́ kan bọ́tìnnì gbọọrọ ìsàlẹ̀ tó ń fi àyè sáàárín ọ̀rọ̀, ó di "six". A mọ̀ nígbà náà pé kíbọ́ọ̀dù ni, kì í ṣe ápù. Òyìnbó nìkan ni mo yàn fún Gboard mi, nítorí náà gbogbo Faransé tí mo bá tẹ̀, Òyìnbó tí mo ṣì kọ ló ń kà á sí. Létí "d" ni "s" wà lórí kíbọ́ọ̀dù, ó gbà pé ọwọ́ mi ló yẹ̀. (Tẹ́ ẹ bá rí i tí ọ̀rọ̀ yí padà lójú yín, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan lójú ẹsẹ̀, lórí fóònù tèmi, ohun tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ máa ń padà wá.)

Mo ṣí kíbọ́ọ̀dù náà, mo tẹ àwòrán oníeyín tó wà lókè rẹ̀, mo wọ "Languages", mo tẹ "Add keyboard", mo mú "French". Ibẹ̀ ló ti béèrè bí mo ṣe fẹ́ kí lẹ́tà tò. Ẹ má mú AZERTY o, àfi tó bá ti mọ́ yín lọ́wọ́. "A" á bọ́ síbi tí "Q" wà. QWERTY ni mo mú. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá tẹ "e" mọ́lẹ̀ díẹ̀, mo ń rí "é" àti "è".

Mo rò pé ó tán. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo gbàgbé láti yí kíbọ́ọ̀dù padà, mo kọ "mo ti de" sí màmá mi, ó di "moi to de". Bó ṣe fìyà jẹ Faransé lánàá náà ló ń fìyà jẹ Yorùbá lónìí. Mo padà sí ibi àwòrán oníeyín, mo wọ "Text correction" (lórí fóònù mìíràn, "Corrections & suggestions" lẹ máa rí), mo sì pa "Auto-correction". Mi ò fọwọ́ kan àwọn ọ̀rọ̀ tó ń jáde lókè lẹ́tà, torí ìyẹn ń dábàá ni, kò ní fi tipátipá yí nǹkan padà. Ìlà pupa lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ariwo lásán ni.

Ó ku "Translate" inú kíbọ́ọ̀dù náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ṣí i nígbà kan láti ràn mí lọ́wọ́, kò sì pa á. Àmì rẹ̀ ni pé ẹ máa rí àpótí ìkọ̀wé kejì lókè lẹ́tà, pẹ̀lú orúkọ èdè méjì lórí rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ló ń bọ́ sínú ápù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ yín. Mo tẹ ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pa dé. Ti inú Telegram fúnra rẹ̀, ní "Settings" àti "Language", ibi tí "Show Translate Button" wà, yàtọ̀: ohun tí mò ń kà nìkan ló ń túmọ̀, kò kan ohun tí mo fi ránṣẹ́. Síbẹ̀ mo pa á, torí Faransé oníbàárà mi ni mo fi ń kọ́ èdè.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo kọ "dix sacs", mo wò ó dáadáa, mo tún fi 10 sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó fi ránṣẹ́. Ó dáhùn pé: "D'accord, 10. Pas 6?"