Ẹ má mú àwọ̀ iléeṣẹ́ láti inú fọ́tò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bí ẹ bá ń sọ fọ́tò ọjà di àwòrán yíyà fún lébẹ́ẹ̀lì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú àwọ̀ láti inú fọ́tò náà. Iná yàrá ti yí i padà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìgò sóbò kan, tí pupa iléeṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ C20 M100 Y70 K25. Nínú Illustrator, ẹ ṣí fáìlì ní CMYK, ẹ fi pupa yẹn pamọ́ sí Swatches, kí ẹ sì mú Global. Ẹ wá lo Image Trace, Colors 6, lẹ́yìn náà Expand. Pupa kan ṣoṣo tó wà lára ìdérí lè di mẹ́ta, kí ìkankan má sì jẹ́ ti iléeṣẹ́. Ẹ fi Direct Selection tẹ èyí tó gbòòrò jù, ẹ lọ sí Select > Same > Fill Color, kí ẹ fún un ní pupa tí ẹ fi pamọ́.

Òjìji ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Bí ẹ bá fi Multiply da dúdú bo ìdérí, pupa náà á ṣókùnkùn bí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí òjìji wà, tóóró báyìí, kí ibi tó kù jẹ́ pupa gidi. Lógò ní tirẹ̀, fáìlì àtilẹ̀wá ni kí ẹ gbé wọlé.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ rẹpẹtẹ, ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan sórí irú bébà lébẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an, ẹ fi wé ti tẹ́lẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ. Bó bá jẹ́ lébẹ́ẹ̀lì tó ń gba ojú kọjá, kí wọ́n tẹ funfun sábẹ́ rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ sóbò inú ìgò á gbé àwọ̀ náà mì.