Ọ̀nà mẹ́ta níwájú ìgbìmọ̀: àwọn àṣìṣe tó ń sọ àtẹ máàkì di ẹ̀tàn

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Mọ́níyà, nílùú Ìbàdàn, ní akẹ́kọ̀ọ́ 300, kànga kan ṣoṣo ló sì wà nínú ọgbà wọn. Tí a bá ka lítà 20 fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, lítà 6,000 ni wọ́n nílò lójúmọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú ìgbìmọ̀ aláàkóso: kí wọ́n gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù tuntun, kí wọ́n gbẹ́ kànga àtijọ́ jìn sí i kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ afami sí i, tàbí kí wọ́n máa ra omi tánkà. Akọ̀wé ló máa kọ ìwé tí ìgbìmọ̀ yóò fi yàn, ìyẹn àtẹ tí a ti ń fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Àwọn iye owó tó wà nísàlẹ̀ yìí, àpẹẹrẹ lásán ni. Ẹ fi ti àdúgbò yín rọ́pò wọn.

Ẹ má ṣe pín ìwúwo fún òṣùwọ̀n lẹ́yìn tí ẹ ti rí iye owó

Òṣùwọ̀n mẹ́rin ni ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí: owó, omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí iṣẹ́ yóò ṣe yá tó, àti bóyá oníṣẹ́ tó wà nítòsí lè tún un ṣe. Wọ́n pín 100 sórí wọn gẹ́gẹ́ bí ìwúwo ọ̀kọ̀ọ̀kan: 40, 30, 20 àti 10. Ìpín yìí gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìwé iye owó tí àwọn agbaṣẹ́ṣe fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé bọ́ọ̀hóòlù wọ́n yóò rí ìdí tí owó fi yẹ kó gba 60; ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lára bọ́ọ̀hóòlù yóò ní 20 ti tó o. Àwọn méjèèjì lè má purọ́ rárá, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe ohun tí ilé ẹ̀kọ́ nílò.

Ẹ má ṣe fi owó ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ṣe owó

Tánkà ló máa ń jọ pé ó dínwó jù, nítorí ₦600,000 fún àgbá ìpamọ́ omi ni gbogbo ohun tó fẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ṣírò ọdún márùn-ún. Tí ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ 180 lọ́dún, lítà 1,080,000 ni wọn yóò lò, ìyẹn tánkà onílítà 10,000 lọ́nà 108. Ní ₦20,000 fún tánkà kan, ₦2,160,000 ni lọ́dún. Pẹ̀lú owó àgbá, ó di ₦11,400,000. Bọ́ọ̀hóòlù tó gba ₦3,500,000 níbẹ̀rẹ̀ àti ₦400,000 lọ́dọọdún fún iná àti àtúnṣe yóò jẹ́ ₦5,500,000. Kànga náà, pẹ̀lú ₦900,000 tí owó àgbá wà nínú rẹ̀ àti ₦300,000 lọ́dọọdún, jẹ́ ₦2,400,000.

Àwọn kan máa ń tún fi owó ìbẹ̀rẹ̀, owó àtúnṣe àti àpapọ̀ owó sí ìlà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àtẹ kan náà. Owó kan náà ni wọ́n ń kà lẹ́ẹ̀mejì yẹn. Ìlà owó kan ti tó.

Ẹ má ṣe fún ohun tó jẹ́ dandan ní máàkì

Àṣìṣe yìí ló máa ń ṣe ìpalára jù, ó sì ṣòro láti rí nítorí pé ìṣirò inú àtẹ náà máa ń tọ̀nà. Ká tó fúnni ní máàkì, a ní láti kọ ohun tí máàkì túmọ̀ sí. Fún owó ọdún márùn-ún: 5 fún ohun tí kò ju ₦3,000,000 lọ, 4 títí dé ₦5,000,000, 3 títí dé ₦7,000,000, 2 títí dé ₦9,000,000, 1 fún èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe irú rẹ̀ fún òṣùwọ̀n mẹ́ta tó kù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, 4 ti akápò lè jẹ́ 2 lọ́wọ́ alága. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwúwo òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan sọ máàkì rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

| | Bọ́ọ̀hóòlù | Kànga | Tánkà |
|---|---|---|---|
| Owó (40) | 3 | 5 | 1 |
| Omi ní ẹ̀ẹ̀rùn (30) | 4 | 1 | 4 |
| Yíyá iṣẹ́ (20) | 2 | 4 | 5 |
| Àtúnṣe (10) | 3 | 5 | 4 |
| Àpapọ̀ | 310 | 360 | 300 |

Kànga ló borí. Ṣùgbọ́n ká ní lítà 2,500 péré ni kànga náà lè fúnni lójúmọ́ nínú oṣù Máàṣì ńkọ́? Èyí tó gba ipò kìn-ín-ní kò lè fún àwọn ọmọ ní ìdajì omi tí wọ́n nílò. Owó pọ́ọ́kú rẹ̀ ti bo àléébù tí máàkì kankan kò lè dí. Lítà 6,000 lójúmọ́ ní Máàṣì kì í ṣe ohun tí a ń fún ní máàkì: ẹnu ọ̀nà ni. Èyí tí kò bá gba ibẹ̀ wọlé, kó má dé inú àtẹ.

Ẹ má sì torí ìyẹn ju kànga náà nù kí ẹ wá fi ọ̀nà kan tí ẹnikẹ́ni kò ní yàn dí àlàfo rẹ̀, kí mẹ́ta lè pé. Ẹ tún un ṣe kó lè wọlé: kànga, pẹ̀lú omi tánkà fún ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ bíi 60 láàárín Jánúárì sí Máàṣì. Lítà 3,500 tó dín lójúmọ́ yóò jẹ́ tánkà 21 lọ́dún, ₦420,000. Àpapọ̀ ọdún márùn-ún di ₦4,500,000. Máàkì rẹ̀ wá di 4, 3, 3, 3, ó sì jẹ́ 340.

Ẹ má ṣe fi 340 sí iwájú 310 kí ẹ sì pa ẹnu mọ́

Ẹ wá ohun tó lè dojú ìpinnu náà dé. Tí tánkà kan bá di ₦25,000, kànga alámùúlùmálà yìí yóò gba ₦5,025,000, máàkì owó rẹ̀ yóò já sí 3, àpapọ̀ yóò sì di 300. Bọ́ọ̀hóòlù ti borí nìyẹn. Lóòótọ́, ìyàtọ̀ owó yẹn kò pọ̀, ààlà máàkì ló mú kó jọ ìṣubú ńlá. Ìdí nìyí tí iye owó gan-an fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì nínú àtẹ.

Bọ́ọ̀hóòlù náà ní ewu tirẹ̀. Orí àpáta líle ni Ìbàdàn wà. Inú ilẹ̀ tó ti rà lórí àpáta náà, àti inú ibi tó bá ti sán, ni omi máa ń wà, nítorí náà ihò kan lè gbẹ kí ti aládùúgbò sì máa ru. Tí ihò àkọ́kọ́ bá kùnà tí ìkejì sì gba ₦1,800,000, owó yóò di ₦7,300,000, àpapọ̀ bọ́ọ̀hóòlù yóò sì wálẹ̀ sí 270. Àyẹ̀wò ilẹ̀ ṣáájú gbígbẹ́ yóò dín ewu yìí kù, kò lè mú un kúrò pátápátá.

Ohun tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ àtẹ nìyí, ní gbólóhùn méjì: kànga pẹ̀lú tánkà ló ṣíwájú níwọ̀n ìgbà tí tánkà kan kò bá tíì dé ₦25,000. Tó bá dé ibẹ̀, kí ìgbìmọ̀ san owó àyẹ̀wò ilẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí bọ́ọ̀hóòlù. Kí akọ̀wé kọ ₦25,000 náà sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, kó sì kọ orúkọ ẹni tí yóò máa béèrè iye owó tánkà ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan.