Ìdí tí "advice" àti "furniture" kì í fi í gba "s": ìbéèrè àti ìdáhùn

Mo kọ "advices", tíṣà fi bírò pupa fa ìlà sí i. Kí ló burú níbẹ̀?

Ẹ yọ "s" yẹn kúrò. "Advice" ni, ì báà jẹ́ ẹnì kan ló gbà yín nímọ̀ràn, ì báà jẹ́ ogún èèyàn.

Ṣùgbọ́n mo ti rí "advises" nínú ìwé ìròyìn rí. Ṣé àwọn náà ṣì í kọ ni?

Wọn ò ṣì í kọ. Ẹ wo lẹ́tà karùn-ún dáadáa: "c" ló wà nínú "advice", "s" ló wà nínú "advise". Ìkejì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ rárá, ọ̀rọ̀-ìṣe ni, òun ni gbígba èèyàn nímọ̀ràn. "She advises me" tọ̀nà, torí pé "s" ìparí ibẹ̀ ń sọ pé ẹnì kan ló ń ṣe é, kò sọ pé ìmọ̀ràn pọ̀.

Etí kì í sábà ran àwa Yorùbá lọ́wọ́ níbí. Ìró tó kẹ́yìn nínú "advise" máa ń kùn bí oyin. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ọ̀fun yín nígbà tí ẹ bá ń pè é, ẹ ó rí i pé ó ń gbọ̀n. Kò sí ìró yẹn nínú èdè wa, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wa ń pe méjèèjì bákan náà. Ojú ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé kọ̀ǹpútà tó ń ṣàyẹ̀wò sípẹ́lì: "advises" wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ó lè jẹ́ kó kọjá níbi tí kò yẹ kó wà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ aṣeékà, tó ń gba "s", àti èyí tó jẹ́ aláìṣeékà bíi "advice", tí kì í gbà á?

Ẹ kọ́kọ́ fi nọ́ńbà sí iwájú rẹ̀. "One chair, two chairs" lọ geere. "One rice, two rice" kò lọ. Ó ń wá ohun tí a máa fi wọ̀n ọ́n. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Ẹni tó fẹ́ ra gàrí máa ní "gàrí kóńgò mẹ́ta", ẹni tó fẹ́ epo máa ní "epo ìgò méjì". Kóńgò àti ìgò ni a kà, a ò ka gàrí, a ò ka epo. Gẹ̀ẹ́sì náà ń ka ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ibẹ̀ ni "s" sì ń lọ: "two cups of rice", "three bottles of oil".

Ti ìrẹsì àti epo yé mi. Ṣùgbọ́n àga ṣeé kà, bẹ́ẹ̀dì ṣeé kà, tábìlì ṣeé kà. Kí ló dé tí "furniture" fi kọ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an nìyí, ìdáhùn tí wọ́n sì sábà máa ń fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ kò tó. Wọ́n á ní ohun tó bá ṣeé fojú rí, tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, aṣeékà ni. Èyí tó bá ń ṣàn tàbí tó kúnná, aláìṣeékà ni. Òfin yẹn máa ń fọ́ síni lọ́wọ́ tó bá dórí "furniture".

Ẹ wo ìrẹsì àti ẹ̀wà. Méjèèjì jẹ́ hóró, kóńgò kan náà la fi ń wọ̀n wọ́n, ìkòkò kan náà la lè sè wọ́n sí. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ní "the rice is ready", ó sì ní "the beans are ready". Kì í ṣe hóró wọn ló fa ìyàtọ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní bí èdè ṣe gbà láti máa wo nǹkan náà: "beans" ń wo hóró lọ́kọ̀ọ̀kan, "rice" ń wo gbogbo òkìtì pa pọ̀.

Òkìtì náà ni "furniture" ń wò. Kì í ṣe orúkọ àga, kì í ṣe orúkọ bẹ́ẹ̀dì. Orúkọ gbogbo wọn lápapọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni "luggage" ṣe kó báàgì àti àpótí pọ̀, tí "equipment" sì kó irinṣẹ́ pọ̀. "Advice" àti "information" náà wà ní ìdí kan náà.

Ẹ̀rí pé èdè ló pinnu rẹ̀ wà nítòsí. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń fi Faransé kàwé ní Kétu tàbí Pọ̀tónóvò ní orílẹ̀-èdè Benin máa ń kọ "des meubles" àti "des conseils", pẹ̀lú "s", ó sì tọ̀nà. Àga kan náà ni, ìmọ̀ràn kan náà ni. Ní tiwa, a máa ń sọ "ìmọ̀ràn méjì" láìsí wàhálà, ọ̀rọ̀ "ìmọ̀ràn" fúnra rẹ̀ kì í sì í yí padà. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá kọ́ wa pé "s" ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ ohun kan di púpọ̀, a máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún gbólóhùn kan ṣe. Ẹnì kan ra bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan àti àga mẹ́rin, ó wá kọ pé:

"I bought six furnitures. The furnitures are new and they were many."

Ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń kà. Bó bá jẹ́ àga nìkan ló fẹ́ sọ, kó kọ "four chairs", kó má dárúkọ "furniture" rárá. Bó bá jẹ́ gbogbo wọn, ó nílò ohun tó máa ṣe iṣẹ́ kóńgò, ìyẹn "piece": "six pieces of furniture". Lẹ́yìn náà, kó wá àwọn ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. "Are" á di "is", "they" á di "it", "many" á lọ:

"I bought six pieces of furniture. The furniture is new, and there was a lot of it."

Mo ti yọ "s" kúrò nínú "many informations", wọ́n ṣì ní mi ò gbà á.

Nítorí pé "many" ṣì wà níbẹ̀. Aṣeékà ló ni "many" àti "few". Aláìṣeékà ló ni "much" àti "little". "A lot of" bá méjèèjì lọ. Ẹ wo iwájú náà: "an advice" kò tọ̀nà, torí "a" àti "an" túmọ̀ sí ẹyọ kan. "Some advice" tàbí "a piece of advice" ni.

"News" ní "s" lára. Ṣé "the news are good" ni?

Rárá. "The news is good."

Wọ́n ní "paper" jẹ́ aláìṣeékà, àmọ́ mo rí "papers" níbi gbogbo. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ẹ má ṣe méfò mọ́ tó bá dé ibí yìí, ẹ ṣí ìwé atúmọ̀-èdè tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ti Cambridge, ẹ ó rí `[ U ]` fún aláìṣeékà àti `[ C ]` fún aṣeékà. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ní méjèèjì, ìtumọ̀ ibẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀ síra, kí ẹ ka àpẹẹrẹ tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bébà tí a fi ń kọ̀wé jẹ́ `[ U ]`: "two sheets of paper". Ìwé ìròyìn jẹ́ `[ C ]`: "I bought two papers this morning." Lábẹ́ "furniture", `[ U ]` nìkan lẹ ó rí.