Ríra Máṣíìnì Àkọ́kọ́ fún Télọ̀ Tuntun: Iná, Mọ́tò àti Páàtì

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kì í sábà ní owó máṣíìnì méjì. Ẹyọ kan ni yóò rà, òun náà ni yóò sì máa fi jẹun. Òun àti òbí tó fẹ́ bá a ra á ni a kọ ìwé yìí fún. Orúkọ ara máṣíìnì ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ béèrè, ṣùgbọ́n ní tèmi, ohun méjì ló ṣáájú orúkọ: irú iná tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, àti ibi tí ẹ ó ti máa rí páàtì rà.

Ti ilé àti ti íńdọ́sítríà

Máṣíìnì ilé tí a mọ̀ jù ni olórí dúdú, Bọ́tàfláì, tí wọ́n fi Síńgà 15 àtijọ́ ṣe àwòṣe rẹ̀. Irin ni, ìrán gbọọrọ nìkan ló sì ń ṣe. Ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ lórí tábìlì rẹ̀, nítorí náà kò sí iná tó lè dá iṣẹ́ yín dúró. Tí owó bá dé lẹ́yìn, ẹ lè so mọ́tò kékeré wáàtì 100 mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, jẹnẹrétọ̀ kékeré á sì gbé e. Nítorí pé àwòṣe kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ lé, bọ́bìnì, kéèsì àti ṣọ́tù rẹ̀ kì í wọ́n, àní ní ìlú kékeré.

Ti íńdọ́sítríà, bíi Júkì àti Jáàkì, ni a ṣe fún iṣẹ́ àárọ̀ dalẹ́. Júkì DDL-8700 lè gún abẹ́rẹ́ ìgbà 5,500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Télọ̀ tuntun kò nílò eré yẹn rárá. Èrè tó wà níbẹ̀ fún un ni pé ìrán rẹ̀ dọ́gba, ó ń gba aṣọ nípọn láìṣe wàhálà, orúnkún ló sì fi ń gbé ẹsẹ̀ máṣíìnì sókè, ọwọ́ méjèèjì á wà lórí aṣọ. Ṣùgbọ́n láìsí iná, tábìlì lásán ni.

Ti funfun onírọ́bà tó ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ ọnà dára fún ilé, kò dára fún ẹni tó fẹ́ rán aṣọ mẹ́rin lóòjọ́. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Japan, ẹ ka páálí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú wáyà rẹ̀. Fólítì 100 ni iná Japan, tiwa sì lé ní 220. Ẹni tó bá fi wáyà rẹ̀ sí ihò iná láìsí tíránsífọ́mà máa gbóòórùn jíjó kó tó rán ìlà kan.

Mọ́tò ni kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè

Orí máṣíìnì íńdọ́sítríà kan náà lè wá pẹ̀lú mọ́tò kílọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́tò sáfò. Ẹ ó mọ ìyàtọ̀ wọn láìbèèrè. Ẹ tan súwíìṣì, kí ẹ má fi ẹsẹ̀ kan pẹ́dà. Kílọ́ọ̀ṣì á máa kùn hùù, á sì máa yí títí ẹ ó fi pa á, yálà ẹ ń ránṣọ tàbí ẹ ń gé e. Sáfò á dákẹ́ títí ẹ ó fi tẹ pẹ́dà, ó sì máa ń ní bọ́tìnì tí a fi ń dín eré rẹ̀ kù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì le nílò bọ́tìnì yẹn gan-an.

Ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ṣí ṣọ́ọ̀bù ní abúlé kan lẹ́yìn Ìwó. Olùtajà kan ta íńdọ́sítríà oníkílọ́ọ̀ṣì fún un. Wáàtì 400 ni wọ́n kọ sára mọ́tò náà. Ó ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n kọ 950 sí lára, ó sì rò pé ó ti kọjá ohun tí òun nílò. Nígbà tó tan án, jẹnẹrétọ̀ kérora, iná gílóòbù rẹlẹ̀, mọ́tò kùn ṣùgbọ́n kò yí. Ó ń tàn án, ó ń pa á, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún bí ọ̀sẹ̀ kan, títí wáyà inú mọ́tò fi jó.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Jẹnẹrétọ̀ yẹn, wáàtì bíi 650 ló lè gbé pẹ́ títí. Kílọ́ọ̀ṣì sì máa ń fa iná ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ìyẹn 1,200 fún mọ́tò tirẹ̀. A pàrọ̀ rẹ̀ sí sáfò tí wọ́n kọ wáàtì 550 sí lára. Àwọn èèyàn rò pé yóò burú jù, torí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni sáfò fi ń gbéra, tí ẹsẹ̀ bá sì kúrò lórí pẹ́dà, fífa iná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ihò bóótù mẹ́ta tó wà lábẹ́ tábìlì bá a mu. Bẹ́ẹ̀tì nìkan la ra tuntun. A fi sitébíláísà sí i, nítorí pé bọ́ọ̀dù iná inú sáfò kò fẹ́ iná tó ń ga tó ń lọ sílẹ̀.

Àwọn tuntun kan wà tí mọ́tò wọn wà nínú orí máṣíìnì fúnra rẹ̀. Wọ́n dákẹ́, wọ́n sì dára, ṣùgbọ́n tí ohun iná inú wọn bá bàjẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò pọ̀ lẹ́yìn ìlú ńlá. Sáfò abẹ́ tábìlì ni mo máa ń sọ pé kí ẹni tó wà ní ìgbèríko rà, nítorí pé ó rọrùn láti yọ, ó sì rọrùn láti pàrọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta páàtì

Kí ẹ tó san owó, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta páàtì nítòsí ilé yín, kì í ṣe nítòsí ibi tí ẹ ti fẹ́ ra máṣíìnì. Ẹ dárúkọ máṣíìnì yẹn, kí ẹ béèrè kéèsì bọ́bìnì, ṣọ́tù, ẹsẹ̀ àti bẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Tó bá mú wọn jáde lójú ẹsẹ̀, ẹ lè lọ rà á. Tó bá ní kí ẹ dúró dìgbà tí òun bá lọ sí Èkó, ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́sẹ̀ ọdún, ẹ̀yin náà ló máa dúró.

Ẹ má da abẹ́rẹ́ pọ̀. HAx1 ti ilé ní ojú pẹrẹsẹ kan níbi ìdí rẹ̀. DBx1 ti íńdọ́sítríà tó wọ́pọ̀ rí roboto yíká. Ẹni tó bá fi ọ̀kan dípò èkejì á rí i pé máṣíìnì ń fo ìrán, á sì máa bú máṣíìnì tí kò ṣẹ̀.

Dídán an wò lọ́jà

Ẹ mú àńkárá, léèsì fẹ́lẹ́ àti ègé jíǹsì lọ, pẹ̀lú òwú pupa àti funfun. Ẹ fi pupa sókè, funfun sínú bọ́bìnì. Ẹ rán àńkárá alápá méjì, lẹ́yìn náà alápá mẹ́rin, kí ẹ tó mú léèsì àti jíǹsì. Tí funfun bá yọ sókè, tẹ́ńṣọ̀n òkè le jù; tí pupa bá hàn nísàlẹ̀, ó dẹ̀ jù. Méjèèjì ṣeé tún ṣe níbẹ̀. Èyí tó ń fò lẹ́yìn tí ẹ ti fi abẹ́rẹ́ tuntun tó yẹ ẹ́ sí i ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Tó bá jẹ́ íńdọ́sítríà àlòkù, ẹ ní kí wọ́n gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn. Òróró gbọ́dọ̀ wà nínú àwo ìsàlẹ̀, láàárín ìlà méjèèjì tí wọ́n fà síbẹ̀. Ẹ tún gbé e padà, ẹ tẹ pẹ́dà, kí ẹ wo gíláàsì kékeré orí rẹ̀: ẹ gbọ́dọ̀ rí òróró tó ń ta síbẹ̀. Tí kò bá ta, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi ń ṣiṣẹ́ lórí gbígbẹ, irin inú rẹ̀ sì ti ń jẹra wọn.

Òróró máṣíìnì funfun nìkan ni kí ẹ máa lò, kì í ṣe òróró ẹ̀pà, kì í ṣe òróró ẹ́ńjìnì. Kí ẹ kán an sí ihò Bọ́tàfláì láràárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ rán àkísà díẹ̀ kí ó má bàa ba aṣọ oníbàárà jẹ́.