Ohun tó yẹ kí éjẹ́ńtì mọ̀ kó tó wá gbé ẹrù yín

Ká ní ẹ fẹ́ fi igbá fínfín ránṣẹ́ láti Ọ̀yọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù nípa bàálù. Ẹ má tíì pe éjẹ́ńtì. Ẹ di páálí, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹ tó wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀, torí páálí tó ti kún máa ń wú. Téèpù télọ̀ ti tó.

Ìwọ̀n yìí gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Kì í ṣe ìwúwo nìkan ni wọ́n ń gbowó lé, wọ́n ń gbowó àyè tí ẹrù gbà pẹ̀lú. Wọ́n á fi gígùn, fífẹ̀ àti gíga ní sẹ̀ǹtímítà sọ ara wọn di púpọ̀, wọ́n á wá fi 6,000 pín in. Kílò tó bá jáde àti èyí tí òṣùwọ̀n sọ, èyí tó bá pọ̀ jù lẹ máa san. Àwọn kan ń fi 5,000 pín in, èyí tó ń mú kí owó lé sí i, torí náà ẹ bi éjẹ́ńtì yín.

Oníbàárà mi kan sọ fún éjẹ́ńtì pé páálí 4 ni, kílò 9 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó kílò 36 ló fi sápò. Ṣùgbọ́n 60 lọ́nà 50 lọ́nà 40 ni páálí kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 120,000. Tí ẹ bá fi 6,000 pín in, ó di 20. Kílò 80 ni wọ́n kà sí i lọ́rùn ní Ìkẹjà, ẹrù sì dúró títí ó fi rí owó tó kù. Ká ní ó ti sọ ìwọ̀n páálí ni, à bá ti kó igbá kéékèèké sínú ńláńlá, ká fi àjákù aṣọ télọ̀ sáàárín wọn. Mo fẹ́ràn àjákù yẹn ju ọ̀rá ìdìẹrù lọ, ọ̀fẹ́ ni, igbá kì í sì í yọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ má kọ "iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀" lásán sórí ìwé ẹrù. Wọ́n lè rò pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni, kí wọ́n ní kí ẹ lọ gba ìwé àṣẹ wá lọ́dọ̀ àjọ tó ń mójú tó mùsíọ́mù. Ẹ kọ ohun tó jẹ́, iye rẹ̀, àti pé tuntun ni.

"Ó lè fọ́" nìkan kò tó. Ẹ sọ ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe sí i.

Ní ti àkókò, ẹ béèrè aago tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ìgbẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú, kí ẹ ka wákàtí ìrìnnà padà láti ibẹ̀. "Àárọ̀" kì í ṣe aago. Báyìí ni mo ṣe ń kọ ọ́ ránṣẹ́:

"Igbá fínfín tuntun 48 fún títà, páálí 2. Ọ̀kọ̀ọ̀kan: 60 × 50 × 40, kílò 18. Ẹ má to nǹkan kan lé e, ẹ má jẹ́ kí òjò pa á. Ẹ wá gbé e lọ́jọ́ Túsìdeè, aago 7 sí 9 àárọ̀. Ọkọ̀ ńlá kò lè wọ àdúgbò wa, bọ́ọ̀sì ni kí ẹ mú wá. Ọmọ mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, nọ́ńbà rẹ̀ nìyí."