Bí a ṣe ń yan ọkọ̀ àkọ́kọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ wíwà

Kí ẹ tó wo ọkọ̀ kankan, ẹ ṣírò owó ínṣọ́ránsì. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, tẹ́ẹ̀dì-pátì fún ọkọ̀ ilé ti di ₦15,000 lọ́dún, ọkọ̀ ì báà kéré, ì báà tóbi. Ohun tí ẹ bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn ló ń san, kò ní tún tiyín ṣe. Èyí tó ń tún tiyín ṣe kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 5 nínú 100 iye ọkọ̀ náà: ọkọ̀ mílíọ̀nù 4 á gba ₦200,000, ó kéré tán, ti mílíọ̀nù 8 á gba ₦400,000. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ á ṣáà fara ha òpó géètì. Nítorí náà, ọkọ̀ tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ni kí ẹ rà, kí ẹ ṣe tẹ́ẹ̀dì-pátì, kí ẹ sì fi owó panẹ́bítà pamọ́.

Ní Ìkòròdú níbí, Toyota Yaris tí ẹ̀yìn rẹ̀ parí síbi gíláàsì ni mo máa ń ní kí wọ́n wá. Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn rìn á mọ ibi tí ọkọ̀ òun dé. Kia Picanto náà dára, ṣùgbọ́n àlòkù pátì Toyota rọrùn láti rí jù. Ọ́tò ni kí ẹ gbà. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sábó, tí dánfó ń fọn fèrè lẹ́yìn, kílọ́ọ̀ṣì á kó ìdààmú bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́.

Jíà ọ́tò yìí gan-an ló ń jẹ owó àwọn èèyàn. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń tà á mọ aago tí ẹ ń bọ̀. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti ṣíná ọkọ̀ sílẹ̀ dè yín nìyẹn. Ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn, nítorí jíà tó ti ń kú lè fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ nígbà tó bá gbóná.

Bó bá tutù, ẹ ṣíná ọkọ̀, ẹ tẹ búrẹ́kì mọ́lẹ̀, kí ẹ fi jíà sí R, lẹ́yìn náà sí D. Ó yẹ kó gbà á kíá, jẹ́jẹ́. Bó bá dúró díẹ̀ kó tó gbà á, tàbí tó gbá yín “gbì” nídìí, ẹ má rà á. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbà gbọ́ nígbà tí ẹni tó ń tà á bá ní “ọ́ìlì jíà lásán ni.” Ẹ fi aṣọ funfun nu ọ̀pá ọ́ìlì jíà náà, bó bá ní: pupa bíi sóbò ló dára, dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná kò dára.

Ẹ wà á gun òkè díẹ̀, kí ẹ sì tún wà á fún ogún ìṣẹ́jú kó gbóná dáadáa. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo tí ọkọ̀ kò sì yára sí i, jíà ń yọ̀. Mẹkáníìkì tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá ni kó jókòó tì yín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ra ínṣọ́ránsì, ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sórí askniid.org, níbi tí wọ́n ti ń wò ó bóyá ínṣọ́ránsì ọkọ̀ jẹ́ ojúlówó. Bí kò bá yọ síbẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ta ínṣọ́ránsì náà fún yín kí ọkọ̀ tó jáde.